Lẹ́tà Akápò Tó Fẹ́ Fipò Sílẹ̀ Nínú Ẹgbẹ́ Onílé

Lẹ́tà tí akápò ẹgbẹ́ onílé fi ń fipò sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀ kì í gùn. Ojú ewé kan tó o. Alága ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, akọ̀wé ni yóò gbà á, tí yóò kà á sétí ìjókòó, kó tó kì í bọ fáìlì. Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀ ni ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò kúrò lọ́wọ́ akápò gan-an. Bí ìwé òfin ẹgbẹ́ kò bá sọ iye ọjọ́, ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ ló dára kó jẹ́, kí wọ́n lè rí ẹlòmíràn yàn. Gbólóhùn kan tó fún ìdí: ọjọ́ orí, àìlera tàbí kíkó kúrò ládùúgbò. Ẹni tó ti ń lọ láti ojúlé dé ojúlé gba owó ọlọ́dẹ kò ní ṣàìní ẹ̀dùn ọkàn, ṣùgbọ́n ẹnu ni kó fi sọ ọ́ nípàdé. Ohun tó bá wọ fáìlì kì í jáde mọ́.

Ìwé ìṣirò tí wọ́n so mọ́ lẹ́tà náà ni iṣẹ́ wà. Ká ní ìwé owó akápò fi hàn pé ₦386,000 ló kù, tí báńkì sì ní ₦410,000 ló wà nínú àpò ìṣúná ẹgbẹ́. Ẹni tó bá kánjú lè rò pé ₦24,000 ni ẹgbẹ́ fi jèrè. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Akápò ti kọ ṣẹ́ẹ̀kì ₦24,000 fún wẹ́dà tó tún géètì ṣe, wẹ́dà ò sì tíì gbé e lọ sí báńkì. Bí èyí kò bá sí nínú ìwé, akápò tuntun yóò ná owó náà, ọjọ́ tí wẹ́dà bá dé báńkì lọ̀ràn yóò bẹ̀rẹ̀. Orúkọ ojúlé tó ṣì jẹ owó, iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ, àti nọ́ńbà ìwé rìsíìtì tí wọn ò tíì lò náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ìwé rìsíìtì tó bá ṣẹ́kù sílé akápò àtijọ́ ni wọ́n fi ń gbowó tí ẹgbẹ́ ò mọ̀ nípa rẹ̀.

Lẹ́tà nìkan kò sì yọ orúkọ ẹnikẹ́ni kúrò ní báńkì. Báńkì yóò béèrè àkọsílẹ̀ ìpàdé tí wọ́n ti yan ẹni tuntun, tí àwọn aláṣẹ buwọ́ lù, pẹ̀lú fọ́tò, ìwé ìdánimọ̀ àti nọ́ńbà BVN ẹni náà. Títí wọn yóò fi ṣe é, ìbuwọ́lùwé akápò àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́, fóònù rẹ̀ náà ni àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì ń wọlé sí. Bí ẹgbẹ́ bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, tí akápò sì wà lára àwọn alágbàtọ́ ẹgbẹ́, ìyẹn tún ní ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ẹ̀dà méjì ni wọ́n ń tẹ ìwé ìṣirò náà. Akápò tuntun yóò ka owó àti ìwé níṣojú alága, yóò buwọ́ lu méjèèjì, akápò àtijọ́ yóò sì mú ọ̀kan lọ sílé.