Ìrora Ìhà Tó Ń Sọ̀ Kalẹ̀ Sí Abẹ́

Ẹ jẹ́ ká mú awakọ̀ kan tó máa ń na ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìlọrin. Kì í fẹ́ mu omi lójú ọ̀nà, kó má baà máa dúró tọ̀. Lóru ọjọ́ kan, ìhà ọ̀tún gbé e lójijì. Ó dìde, ó jókòó, ó nà gbalaja sílẹ̀, kò rójú. Á rọlẹ̀ díẹ̀, á tún gbé e, ó sì ń bì. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ìrora náà ti sọ̀ kalẹ̀ sí abẹ́ ikùn, ó ń ta dé kórópọ̀n, ìtọ̀ rẹ̀ sì pọ́n bí omi sóbò. Àwọn ará ilé ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọ́n ti ń wá àgbo.

Òkúta inú kíndìnrín ni. Bí omi ara bá kéré, ìtọ̀ á ki, àwọn èròjà inú rẹ̀, pàápàá kálísíọ́ọ̀mù àti ọ́sálétì, á sì dì pọ̀. Òkúta lè wà nínú kíndìnrín fún oṣù púpọ̀ láìdun èèyàn. Ìgbà tó bá bọ́ sínú ọ̀nà tóóró tó ń gbé ìtọ̀ lọ sí àpò ìtọ̀ ni wàhálà dé. Ọ̀nà yìí gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 25, ṣùgbọ́n ihò inú rẹ̀ kò ju mìlímítà mélòó kan lọ. Bí òkúta bá há síbẹ̀, ìtọ̀ á sé, kíndìnrín á wú, ọ̀nà náà á sì máa fún pọ̀ láti tì í jáde. Ìdí nìyẹn tí ìrora fi ń wá tó ń lọ. Bó ṣe ń sún sísàlẹ̀ ni ìrora ń tẹ̀ lé e, ibi tó bá sì ti ha ara ọ̀nà ni ẹ̀jẹ̀ ti ń wá. Nígbà mìíràn ojú kì í rí ẹ̀jẹ̀ yìí, àfi bí wọ́n bá yẹ ìtọ̀ wò.

Ẹ kíyè sí àìrójú yẹn. Ẹni tí inú ń run nítorí pé ìfun rẹ̀ lu kì í fẹ́ mira rárá, nítorí mímira ń dá kún ìrora rẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n á yẹ ìtọ̀ wò, wọ́n á ya àwòrán inú, wọ́n á sì fún un lóògùn bíi dìkílófẹ́nákì, bí kò bá ní ọgbẹ́ inú tàbí àìsàn kíndìnrín. Òkúta tí kò tó mìlímítà 5 sábà máa ń bá ìtọ̀ jáde fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Kí aláìsàn máa tọ̀ sínú asẹ́, kí wọ́n lè rí i yẹ̀ wò. Èyí tó ju 10 lọ, dókítà ló sábà máa ń fọ́ ọ tàbí yọ ọ́. Mímu omi àmupara nígbà tí ìrora ń lọ lọ́wọ́ kì í lé e jáde.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ibà àti òtútù gbígbọ̀n lórí ìrora yìí. Ó lè jẹ́ pé kòkòrò àrùn ti wọ ìtọ̀ tó sé. Ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lóru náà. Bákan náà ni ẹni tí kò rí ìtọ̀ tọ̀ mọ́, tàbí tó jẹ́ kíndìnrín kan ló ní.

Ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ láìsí ìrora tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn: ó lè jẹ́ àtọ̀sí ajá tàbí jẹjẹrẹ, ó sì yẹ kí dókítà wò ó.

Òkúta sábà máa ń padà wá. Kí awakọ̀ wa dín iyọ̀ kù, kó sì máa mu omi tó fi jẹ́ pé ìtọ̀ òòjọ́ rẹ̀ á tó lítà méjì àbọ̀, kódà bó bá tiẹ̀ máa dúró tọ̀ ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́.