Gbígba Ímeèlì Padà Nígbà Tí Nọ́ńbà Àtijọ́ Ti Lọ

Bí ẹni tó ni Gmail bá gbàgbé páswọ́ọ̀dù, Google máa ń fi kóòdù ránṣẹ́ sí nọ́ńbà fóònù tàbí ímeèlì kejì tó ti fi sílẹ̀. Bí méjèèjì ò bá sí mọ́, kò sí òṣìṣẹ́ kankan tí èèyàn lè lọ bẹ̀. Ẹ̀rọ nìkan ló ń dájọ́, ohun tó sì fi ń dá olóhun mọ̀ ni fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tó máa ń lò, ibi tó ti máa ń wọlé àti àwọn páswọ́ọ̀dù tó ti lò rí.

Ní Nàìjíríà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wádìí bóyá nọ́ńbà náà ti lọ lóòótọ́. Síìmù tó sọnù ṣeé gbà padà ní ọ́fíìsì nẹ́tíwọ̀ọ̀kì pẹ̀lú NIN ẹni tó fi orúkọ ara rẹ̀ rà á, bí wọn kò bá tíì fún ẹlòmíràn.

Ká ní wọ́n jí fóònù aláṣọ kan n'Ìbàdàn, nọ́ńbà rẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn, ímeèlì kejì sì jẹ́ ti ibi iṣẹ́ tó ti fi sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó ti fi wọ Gmail rí ni kó wá. Bí àkáǹtì bá ṣì wà ní ṣíṣí níbẹ̀, kó má ṣe jáde o! Kó tẹ èyí sínú Chrome:

```
chrome://password-manager/passwords
```

Bí Chrome bá ti tọ́jú páswọ́ọ̀dù náà, yóò rí i níbẹ̀, yóò sì lè fi í pààrọ̀ nọ́ńbà àtijọ́.

Bí kò bá sí níbẹ̀, kó lo kọ̀ǹpútà kan náà nílé, kó lọ sí g.co/recover. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ fi kóòdù sí nọ́ńbà àtijọ́, kó tẹ "Try another way". Bí wọ́n bá bèèrè páswọ́ọ̀dù tó rántí kẹ́yìn, kó kọ èyí tó bá rántí. Ti àtijọ́ sàn ju kó fò ó lọ. Bí wọ́n bá bèèrè ímeèlì tí wọ́n lè fi kàn sí i, kó fún wọn ní èyí tó lè ṣí lọ́wọ́lọ́wọ́. Èsì lè gba wákàtí díẹ̀ tàbí ọjọ́ mélòó kan.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: bí wọ́n bá kùnà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sáré lọ sí kafé, wọ́n á tún yá fóònù ọ̀rẹ́. Lójú ẹ̀rọ Google, ìṣe olè gan-an nìyẹn. Bí wọ́n bá gbìyànjú léraléra, ó lè ti ilẹ̀kùn fún ìgbà díẹ̀. Ká dúró, ká sì padà sórí kọ̀ǹpútà kan náà ló dára.

Àwọn àkáǹtì kan kì í padà rárá, pàápàá èyí tó ní ìdáàbòbò onípele méjì tí kóòdù ìpamọ́ rẹ̀, mẹ́wàá tí Google ń fúnni, kò sí nílẹ̀. Ẹni tó bá ní òun mọ ènìyàn ní Google, kí wọ́n sanwó, gbájúẹ̀ ni. Ẹ má ṣe fún un ní kọ́bọ̀. Bí àkáǹtì ò bá padà, ẹ tètè lọ sí báńkì yín kí wọ́n pààrọ̀ ímeèlì tó wà lọ́wọ́ wọn.