Kí Ló Yí Padà Lára Àwòrán Yìí?

Ní ọdún 2006, ẹnjiníà kan ní ilé-iṣẹ́ General Motors ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n tún ibi tí awakọ̀ ń ti kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ṣe. Irin tín-ín-rín kan wà nínú ibẹ̀ tí sípíríǹgì ń tì. Irin yìí ló ń di kọ́kọ́rọ́ mú kó má baà kúrò níbi tí wọ́n yí i sí. Ti tẹ́lẹ̀ kò lágbára tó: bí orúnkún awakọ̀ bá kàn án, kọ́kọ́rọ́ lè yí fúnra rẹ̀, ẹ́ńjìnnì á kú lójú eré, àpò afẹ́fẹ́ tó yẹ kó dáàbò bo awakọ̀ kò sì ní tú jáde. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe dára. Àmọ́ wọn kò yí nọ́ńbà ara ẹ̀yà náà padà, kò sì sí lẹ́tà tó sọ fáwọn tó kù pé nǹkan kan ti yàtọ̀.

Bí ti àtijọ́ àti ti tuntun ṣe ń jẹ́ orúkọ kan náà nìyẹn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò yé àwọn tó ń wádìí jàǹbá ìdí tí ọkọ̀ Chevrolet Cobalt tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fi ń pa àwọn èèyàn, tí àwọn tó dé lẹ́yìn kò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnjiníà kan tí àwọn lọ́yà ẹbí ọmọbìnrin kan tó kú ní ìpínlẹ̀ Georgia gbà síṣẹ́ ló rí àdììtú náà tú. Ó tú ẹ̀yà méjèèjì palẹ̀, ó wọ̀n wọ́n, ó sì rí i pé irin inú ti tuntun fi mìlímítà 1.6 gùn ju ti àtijọ́ lọ. Ní 2014, General Motors pe mọ́tò mílíọ̀nù 2.6 padà. Owó gbà-máà-bínú tí wọ́n san lẹ́yìn náà kan ikú èèyàn 124.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ya àwòrán ọjà fún oníbàárà mọ̀ pé ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀ lórí ìdérí ike lásán, tí gbèsè rẹ̀ á sì tó ẹni lára. Ayàwòrán á tún nǹkan mẹ́ta ṣe lórí kọ̀ǹpútà, á so fáìlì mọ́ ímeèlì, á kọ “Ẹ wo èyí tuntun” sí i, á sì fi ránṣẹ́. Oníbàárà á ṣí i. Kò ní rí ìyàtọ̀ kankan, torí ojú lásán kò lè mọ̀ pé ògiri àpótí ti fi ìdajì mìlímítà nípọn sí i. Lẹ́tà ló yẹ kó sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi àpótí ike kékeré kan ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tí wọ́n ń kó bọ́ọ̀dù tó ń darí iná sólà sí. Ká pè é ní KV12. Obìnrin oníṣòwò kan ló ní ọjà náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ń bá a ya àwòrán rẹ̀, ilé-iṣẹ́ mìíràn ni yóò sì gbẹ́ mọ́ọ̀dù irin tí wọn yóò fi máa rọ ike rẹ̀. Ẹ̀dà kejì àwòrán náà, Rev B, ti wà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Nígbà tí màmá já àpótí ìdánwò sílẹ̀ láti orí tábìlì, igun rẹ̀ sán. Ìdí nìyẹn tí Rev C fi wáyé. Lẹ́tà tó yẹ kó tẹ̀ lé e rèé:

*Àkọlé: KV12: Rev C rọ́pò Rev B, fáìlì 4*

*Ẹ káàsán mà. Ẹ kú iṣẹ́ o.*

*Àwòrán KV12 tuntun ti jáde, Rev C ló ń jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má lo Rev B mọ́ fún iṣẹ́ kankan.*

*Ohun mẹ́ta ló yí padà:*

*1. Ògiri ẹ̀gbẹ́ àpótí kúrò ní 2 mm, ó di 2.5 mm, torí igun tó sán. Nítorí èyí, ìbú ìta kúrò ní 105 mm, ó di 106 mm. Gígùn ìta náà fi 1 mm lé e.*

*2. Ihò súkúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò ní 3 mm, ó di 3.4 mm, torí súkúrù M3 ń há níbẹ̀.*

*3. Ihò wáyà gòkè sí i ní 4 mm, torí orí wáyà yín ń kan ìsàlẹ̀ àpótí.*

*Ohun tí kò yí padà: ìbú inú (101 mm), bọ́ọ̀dù, súkúrù, àti àlàfo àárín ihò tí wọ́n fi ń kan àpótí mọ́ ògiri ilé (80 mm).*

*Àwọn fáìlì tí mo so mọ́ lẹ́tà yìí:*

*`KV12_RevC.step`: ti ẹni tó ń gbẹ́ mọ́ọ̀dù*

*`KV12_RevC.stl`: ti ìtẹ̀ ìdánwò nìkan, mìlímítà ni ìwọ̀n rẹ̀*

*`KV12_RevC.pdf`: ìwọ̀n gbogbo lórí ìwé, tí ẹ lè tẹ̀ jáde*

*`KV12_RevB-RevC.pdf`: àwòrán àtijọ́ àti tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo fi àmì pupa sí ibi tó yí padà*

*Ìbéèrè méjì mà: ṣé ẹ ti ṣe páálí tí àpótí yóò máa wọ̀? Ṣé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ mọ́ọ̀dù? Bí ẹ bá gbà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ “Mo gba Rev C” ránṣẹ́ padà kí wọ́n tó gbẹ́ irin.*

Ẹ wo ohun àkọ́kọ́ dáadáa, torí òun ló ń kọ́ni jù. Bọ́ọ̀dù inú KV12 fẹ̀ tó 100 mm. Inú àpótí fẹ̀ tó 101 mm, ó sì ku ìdajì mìlímítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ká ní ayàwòrán kàn mú ògiri nípọn sí inú ni, inú àpótí á di 100 mm géérégé. Bọ́ọ̀dù 100 mm kò lè wọ inú àlàfo 100 mm láìjẹ́ pé wọ́n fi agbára tẹ̀ ẹ́, bí wọ́n bá sì tẹ̀ ẹ́, ó lè kán. Ìdí nìyẹn tó fi gbé ìnípọn náà sí ìta. Ṣùgbọ́n ìta tó fẹ̀ sí i tún kan páálí, ó kan irin tí wọ́n fi ń gbé àpótí kọ́, ó kan gbogbo ohun tí wọ́n ti ṣe sí ìwọ̀n 105. Màmá nìkan ló mọ àwọn nǹkan wọ̀nyẹn. Ìdí tí lẹ́tà fi gbọ́dọ̀ sọ iye àtijọ́, iye tuntun àti ohun tó fà á nìyẹn. “A fún ògiri lókun” kò tó. Bí ó bá rí “105 di 106”, á rántí ẹgbẹ̀rún páálí tó ti kó pamọ́.

Abala “ohun tí kò yí padà” náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó ń kan àpótí mọ́ ògiri lè ti lu ihò sílé àwọn èèyàn. Bí lẹ́tà bá sọ pé 80 mm ṣì ni, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Bí lẹ́tà bá dákẹ́, ó di dandan kó tún wọ̀n ọ́n, tàbí kó gbójú lé oríire.

Ní ti fáìlì, ibi tí àṣìṣe ti wọ́pọ̀ jù ni STEP àti STL, torí pé lójú ẹni tó ṣí wọn, àpótí kan náà ni. Ìlànà àgbáyé ISO 10303, tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1994, ló wà lẹ́yìn fáìlì STEP. Ó ń pa ojú àti igun mọ́ bí wọ́n ṣe rí gan-an: ihò róbótó wà nínú rẹ̀ bí ohun róbótó, ìwọ̀n mìlímítà sì wà níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ 3D Systems ni wọ́n ṣe STL fún ní 1987, fún ẹ̀rọ tó ń tẹ nǹkan jáde lẹ́yọ lẹ́yọ. Onígun mẹ́ta wẹ́wẹ́ ló fi ń kó gbogbo nǹkan jọ. Ihò róbótó á wá di onígun púpọ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ fi gbẹ́ mọ́ọ̀dù á rí i pé ihò 3.4 òun kò dán.

Àléébù STL kejì le ju ìyẹn lọ: kò sọ ìwọ̀n tí nọ́ńbà inú rẹ̀ jẹ́. Íǹṣì kan jẹ́ mìlímítà 25.4. Bí ayàwòrán bá fi íǹṣì kó KV12 jáde, 106 mm á di 4.17 nínú fáìlì. Bí ẹ̀rọ ìtẹ̀ bá wá ka nọ́ńbà yẹn sí mìlímítà, àpótí tó yẹ kó tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ á jáde ní ìbú tí kò tó ti ẹ̀wà kan. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó wà nínú lẹ́tà, “mìlímítà ni ìwọ̀n”, ti tó láti dènà rẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ A, B, C, tí kì í ṣe “tuntun”, “tuntun gan-an”, “èyí tó kẹ́yìn”? Nítorí pé èyí tó kẹ́yìn lónìí kọ́ ló máa kẹ́yìn lọ́la, ó sì ṣòro láti mọ èwo ló ṣáájú. Ìlànà ASME Y14.35 tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò fún àtúnṣe àwòrán tilẹ̀ fo lẹ́tà I, O, Q, S, X àti Z, kí ẹnì kankan má baà ka I sí 1 tàbí O sí òdo. Lẹ́tà kan náà gbọ́dọ̀ wà lórúkọ fáìlì, nínú ímeèlì àti nínú àwòrán fúnra rẹ̀. Bí orúkọ fáìlì bá sọ pé Rev C, tí igun ìsàlẹ̀ PDF sì kọ Rev B, kí oníbàárà dáwọ́ iṣẹ́ dúró kó sì pe ayàwòrán.

Ìbéèrè nípa mọ́ọ̀dù kì í ṣe ti ìkíni. Ó rọrùn láti gbẹ́ irin kúrò. Láti dá a padà ló ṣòro. Bí wọ́n bá ti gbẹ́ mọ́ọ̀dù sí Rev B, wọ́n lè tún ìta gbẹ́ sí i kí àpótí lè fẹ̀. Ihò wáyà tó gòkè ní 4 mm yàtọ̀: irin tó ń ṣe ihò náà gbọ́dọ̀ kúrò níbi tó wà, kí wọ́n dí ojú ibẹ̀, bóyá kí wọ́n fi iná jó o pọ̀, kí wọ́n sì tún un dán. Owó ńlá ni, ọjọ́ á sì lọ sí i. Oníbàárà tí wọ́n bi léèrè ní kùtùkùtù lè sọ pé kí wáyà wà níbi tó wà, òun á ra èyí tí orí rẹ̀ kéré.

Ímeèlì fúnra rẹ̀ náà ní ààlà. Gmail kì í gbà kí ohun tí a so mọ́ lẹ́tà ju 25 MB lọ, ọ̀nà tí ímeèlì ń gbà di fáìlì sì ń mú kó fi bí ìdá mẹ́ta wú sí i: 20 MB lè tó 27 MB lójú ọ̀nà. Bí fáìlì bá tóbi, wọ́n máa ń fi líǹkì ránṣẹ́. Kí fódà tí líǹkì náà ṣí jẹ́ ti Rev C nìkan, kí ẹnì kankan má sì pààrọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí màmá bá ti fọwọ́ sí i.

Ẹ̀yin ayàwòrán, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, ẹ má ṣí èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín wò. Èyí tí ẹ so mọ́ lẹ́tà gan-an ni kí ẹ ṣí, kí ẹ wọn ìbú ìta rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 105, Rev B lẹ fẹ́ fi ránṣẹ́.