Ìwádìí ní Obi ló ń léwájú, INEC ní Tinúbú ló wọlé: Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín méjèèjì?

Lóṣù Kejìlá ọdún 2022, nígbà tí ìdìbò ààrẹ ku nǹkan bí oṣù méjì, Anap Foundation gbé àbájáde ìwádìí èrò aráàlú jáde, èyí tí ilé iṣẹ́ NOIPolls bá wọn ṣe lórí fóònù. Tí a bá pín àwọn tó dáhùn sí ọgọ́rùn-ún, 23 ní Peter Obi làwọn máa dìbò fún. 13 mú Bọ́lá Tinúbú, 10 mú Atiku Abubakar, 2 sì mú Rabiu Kwankwaso.

Ohun tó gba ìgboro kan ni pé Obi ti ń léwájú. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ka ìbò ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2023 tán, Tinúbú ni àjọ elétò ìdìbò INEC kéde. Ṣé irọ́ ni ìwádìí náà pa ni?

Kí ni wọ́n ń pè ní ààlà àṣìṣe?

Ẹni tó fẹ́ ra àpò ẹ̀wà kì í tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Á bu ẹ̀kúnwọ́ lókè, á bu ti àárín, á bu ti ìsàlẹ̀, á wá mọ bí ẹ̀wà náà ṣe rí. Ìwádìí èrò náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kúnwọ́ kan lè yàtọ̀ díẹ̀ sí òmíràn, ìyàtọ̀ yẹn ni ààlà àṣìṣe ń wọ̀n.

Tí wọ́n bá bi èèyàn 1,000 tí wọ́n ṣà láìṣègbè, ààlà àṣìṣe rẹ̀ tó nǹkan bíi 3 sókè, 3 sísàlẹ̀. Bí ìwádìí bá ní ẹnìkan ní 45, tí ẹnìkejì ní 42, ẹni àkọ́kọ́ lè wà láàárín 42 sí 48, ìkejì lè wà láàárín 39 sí 45. Ẹ rí i pé wọ́n ti wọnú ara wọn. Oníròyìn tó bá ní ẹnìkan "ń léwájú" níbẹ̀ ti sọ ju ohun tó mọ̀ lọ.

Ààlà àṣìṣe kọ́ ló fa ti 2023

Àlàfo 10 ló wà láàárín Obi àti Tinúbú nínú ìwádìí yẹn, ìyẹn sì ju ààlà àṣìṣe lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni àwọn tí kò dárúkọ ẹnì kankan: 29 ní àwọn ò tíì pinnu, 23 ní àwọn ò ní sọ. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 52, ó ju ìdajì lọ.

Ẹ wo èsì INEC: nínú ìbò tó kájú òṣùwọ̀n, Tinúbú ní nǹkan bíi 37 nínú ọgọ́rùn-ún, Atiku 29, Obi 25. Obi kò jìnnà sí 23 tí wọ́n bá níbẹ̀. Àwọn yòókù ló fò sókè. Ẹni tó bá ti yọ àwọn 52 yẹn kúrò, tó wá pín 48 tó kù, á ti fún Obi ní bíi 48 nínú ọgọ́rùn-ún. Ibẹ̀ gan-an ni yóò ti ṣìnà.

Ta ló jáde?

Ìwádìí ń bi èèyàn léèrè, àpótí ìbò ń ka ẹni tó dé ibẹ̀. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan ní Orégùn lè dárúkọ ẹni tó fẹ́ lórí fóònù, kó má sì jáde lọ́jọ́ ìdìbò. Èèyàn 93,469,008 ló forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 2023. Àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò ní ibùdó ìdìbò jẹ́ 25,286,616, ìyẹn 27 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ti Èkó tún kéré sí i. Nínú 7,060,195 tó forúkọ sílẹ̀, 1,347,152 ni wọ́n yẹ̀ wò, bíi 19 nínú ọgọ́rùn-ún. Obi ní 582,454, Tinúbú ní 572,606. Tí wọ́n bá ní "ará Èkó ti sọ̀rọ̀", ẹ rántí pé ìbò ẹni tó mókè kò tó 9 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó forúkọ sílẹ̀.

Àwọn kan a máa sọ pé ìyàtọ̀ 9,848 yẹn wà nínú ààlà àṣìṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kúnwọ́ ló ní ààlà àṣìṣe. Ìbò jẹ́ kíkà ní oókan-oókan. Àṣìṣe tàbí màgòmágó lè wọ ibi kíkà, ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn la fi ń mọ ìyẹn: ẹ fi iye ìbò tó wà lórí fọ́ọ̀mù èsì wé iye àwọn tí ẹ̀rọ BVAS yẹ̀ wò ní ibùdó náà. Bí ìbò bá ju èèyàn lọ, òfin ìdìbò ọdún 2022 ní kí wọ́n wọ́gi lé èsì ibùdó yẹn.

Nítorí náà, tí ìwádìí mìíràn bá tún jáde, kí ẹ tó wo ẹni tó wà lókè, ẹ béèrè iye àwọn tí kò sọ ẹni tí wọ́n fẹ́.