Ìlẹ̀kùn tó ń dúró de agbára rẹ: bí eré Metroidvania ṣe ń darí ìrìn ẹni



Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan fẹ́ pa eré kan rẹ́ kúrò lórí ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń yí po ibì kan náà. Ó ní, “Bàbá, eré yìí ti bàjẹ́. Mo ti dé gbogbo ibi tí ọ̀nà wà, kò sí ibi tí mo lè gbà mọ́.” Mo ní kó fi hàn mí. Ihò kékeré kan wà nísàlẹ̀ ògiri, ara ẹni inú eré náà kò lè gbà á. Ọmọ náà rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni. Bẹ́ẹ̀, ìlẹ̀kùn ni. Ohun tí yóò ṣí i ni kò tíì rí. Eré náà kò bàjẹ́ rárá, irú eré tó jẹ́ ni ọmọ náà kò mọ̀.

Irú eré yìí ni wọ́n ń pè ní Metroidvania. Orúkọ eré méjì ni wọ́n so pọ̀. Ọ̀kan ni Metroid, tí ilé iṣẹ́ Nintendo gbé jáde ní Jàpáànù lọ́dún 1986. Èkejì ni Castlevania, ti ilé iṣẹ́ Konami, pàápàá èyí tó jáde lọ́dún 1997 tí wọ́n pe àkọlé rẹ̀ ní Symphony of the Night. Ohun tó mú irú eré yìí yàtọ̀ kò ju méjì lọ. Àkọ́kọ́, ilẹ̀ kan ṣoṣo ni, gbogbo yàrá àti ọ̀nà inú rẹ̀ ló so mọ́ra wọn, o lè padà síbi tí o ti kúrò nígbàkígbà. Èkejì, kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ nìkan ló ń ṣí ọ̀nà níbẹ̀. Ohun tí ara rẹ lè ṣe ló ń ṣí i. Lónìí o kò lè fò dé orí àpáta kan. Lọ́la o rí bàtà tó ń mú ni fò ga, àpáta àná sì di àtẹ̀gùn.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ṣe é nínú Metroid ti 1986, torí ibẹ̀ ló ti hàn kedere jù.

Ọdún kan ṣáájú rẹ̀, lọ́dún 1985, Nintendo kan náà ti gbé Super Mario Bros. jáde. Nínú ti Mario, ọwọ́ ọ̀tún nìkan lo máa ń lọ. Ibi tí o bá ti kọjá, tí kò sí lójú ẹ̀rọ mọ́, o kò lè padà síbẹ̀. Ó ti mọ́ àwọn èèyàn lára pé “iwájú” ni ọwọ́ ọ̀tún. Nígbà tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ Metroid, tí jagunjagun tó ń jẹ́ Samus dúró lórí ilẹ̀ Zebes, ọwọ́ ọ̀tún náà ni wọ́n forí lé. Wọn kò rìn jìnnà tí wọ́n fi bá ọ̀nà kan pàdé tó kéré jù fún Samus láti gbà. Kò sí ibòmíràn mọ́. Ó di dandan kí èèyàn padà sẹ́yìn, kó kọjá ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, kó lọ sí ọwọ́ òsì. Ibẹ̀, nítòsí gan-an, ni nǹkan róbótó kan wà. Bí Samus bá ti mú un, ó lè ká ara rẹ̀ jọ bíi bọ́ọ̀lù kó sì yí gba ibi tóóró. Nígbà náà ló tó padà sí ọwọ́ ọ̀tún, tí ọ̀nà kékeré yẹn sì gbà á.

Ẹ wò ó dáadáa. Ẹnikẹ́ni kò kọ ìwé ìlànà kankan sójú ẹ̀rọ. Síbẹ̀ ẹni tó ń ta eré náà ti kọ́ nǹkan mẹ́ta: pé ẹ̀yìn náà lọ̀nà wà, pé ìdènà kì í ṣe òpin, àti pé ohun tí èèyàn bá rí níbì kan lè wúlò níbòmíràn. Gbogbo eré náà kò ju pé kí wọ́n máa tún ẹ̀kọ́ yìí ṣe lọ́nà tó ń le sí i. Ìlẹ̀kùn pupa wà tí ìbọn lásán kò lè ṣí, àfi kí èèyàn yin ọta misíìlì márùn-ún sí i. Ìbọn yìnyín tún wà tó ń sọ ẹ̀dá abàmì di yìnyín lójú òfuurufú, kí Samus lè gun orí rẹ̀ bí ẹni gun òkúta. Ọ̀tá kan náà tó ń yọ èèyàn lẹ́nu lánàá ló di àtẹ̀gùn lónìí.

Báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń mọ̀? Ọ̀rọ̀ náà kò le. Fún agbára kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ ń fi àmì kan pamọ́: ó ní in, tàbí kò ní in. Bí o bá tẹ bọ́tìnì pé kí Samus ká ara rẹ̀ jọ, ẹ̀rọ á wo àmì yẹn. Bó bá jẹ́ “kò ní in”, Samus kò ní ká jọ. Ihò náà wà ní ṣíṣí látìbẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó tì í. Ara rẹ ni kò tíì tó o gbà.

Ìdènà kan sì wà tí kò le tó bẹ́ẹ̀. Nínú Super Metroid, tó jáde lọ́dún 1994, àwọn yàrá kan wà tí ooru wọn pọ̀. Ìlẹ̀kùn wọn ṣí, o lè wọlé. Ṣùgbọ́n bí o kò bá tíì rí ẹ̀wù tó ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ ooru, ẹ̀mí rẹ á máa dín kù níṣẹ̀ẹ́jú ìṣẹ́jú, wàá kú bí o bá pẹ́ níbẹ̀. Àwọn ògbóǹtarìgì máa ń sáré kọjá kí ẹ̀mí tó tán. Ẹni tó ṣe eré kò sọ pé “má wọlé”, ó sọ pé “bí o bá wọlé, wàá rí i”. Èyí ló fà á tí ẹni méjì fi lè ta eré kan náà, tí ọ̀nà tí wọ́n gbà kò sì ní bára mu.

Wàyí o, àwọn ọ̀dọ́ kan wà láàárín wa tí wọ́n ń fẹ́ yà irú eré báyìí sórí ìwé, bóyá kí wọ́n tó rí ẹ̀rọ ṣe é. Ibi tí èèyàn ti máa ń ṣìnà nìyí, ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ tiwa yà á.

Ká sọ pé ìrìn bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé. Ọ̀pẹ gíga kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, nǹkan kan ń dán lórí rẹ̀. A rí i, ọwọ́ wa kò tó o. Ọ̀nà kan lọ sí oko, ó ṣí sílẹ̀. Ọ̀nà kejì lọ sí odò, igbó ti bò ó. A lọ sí oko, a rí àdá. A padà wá, a fi àdá ṣán igbó, a dé etí odò, a rí igbà tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ. A padà sílé, a gun ọ̀pẹ. Eré tó dára nìyẹn. Ohun tí a kọ́kọ́ rí ni a rí mú kẹ́yìn, a sì ti kọjá lẹ́nu ilé lẹ́ẹ̀mejì kí a tó mú un.

Àṣìṣe àkọ́kọ́: bí a bá gbé àdá síbi odò, lẹ́yìn igbó tí àdá yóò ṣán, eré ti kú kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni á tètè rí ìyẹn. Àṣìṣe kejì ló ń fara pamọ́. Ká sọ pé a gbẹ́ kòtò jíjìn kan sí oko, tí ó jẹ́ pé igbà nìkan ni èèyàn lè fi jáde. Ẹni tó ti ní igbà kò ní ìṣòro. Ẹni tí kò tíì ní in, tó sì ṣèèṣì já sínú kòtò, ti di ẹlẹ́wọ̀n. Kò kú, kò sì lè jáde. Bí ẹ̀rọ bá tún ti tọ́jú eré rẹ̀ síbẹ̀, àfi kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n ni pé kí a mú ibi kọ̀ọ̀kan lórí àwòrán ilẹ̀ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ká bi ara wa pé: ẹni tí nǹkan ọwọ́ rẹ̀ kéré jù lọ tó lè dé ibí yìí, ṣé ó lè jáde? Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, ọ̀nà àtúnṣe méjì ló wà. A lè gbé igbà sínú kòtò náà gan-an. A sì lè fi ohun tí gbogbo èèyàn ti ní látìbẹ̀rẹ̀ ṣe ọ̀nà àbájáde. Super Metroid lo ọ̀nà kejì yìí nínú kòtò jíjìn kan. Àwọn ẹranko kéékèèké kan wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ tí wọ́n ń ta lu ògiri kan, tí wọ́n ń fò sí èkejì, títí wọ́n fi dókè. Samus lè ṣe bẹ́ẹ̀ látìgbà tó ti délẹ̀, kò sí ẹni tó sọ fún un ni. Ẹni tó bá wò wọ́n dáadáa á jáde.

Ìṣòro kan kù, ti ẹni tó ń ta eré ni. Ilẹ̀ náà tóbi. Èèyàn rí ìdènà lónìí, ó rí agbára tó yẹ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ó sì ti gbàgbé ibi tí ìdènà wà. Àwọn ará Montpellier ní Faransé, ní ẹ̀ka Ubisoft tó wà níbẹ̀, wá ojútùú sí i nínú Prince of Persia: The Lost Crown, tó jáde ní oṣù January 2024. Bí o bá bá ohun tí o kò lè kọjá pàdé, o lè ya fọ́tò rẹ̀, fọ́tò náà á sì lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ gan-an lórí àwòrán ilẹ̀. Nígbà tí o bá rí agbára tuntun, wàá wo àwọn fọ́tò rẹ, wàá mọ ibi tí o máa padà sí. Ní oṣù April ọdún kan náà, Tales of Kenzera: ZAU náà jáde. Abubakar Salim, ọmọ Kẹ́ńyà tí wọ́n bí sí Ìlú Ọba, ló darí rẹ̀ lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀. Ìtàn àwọn Bàńtú ni wọ́n fi hun ún: ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń bẹ ọlọ́run ikú pé kó dá bàbá òun padà.

Ẹni tí eré rẹ̀ kò bá ní fọ́tò, ìwé àti bíírò tó. Ohun tí mo sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn: kọ ibi tí o ti dúró, kọ ohun tó dá ọ dúró, ihò ni tàbí òkè ni tàbí omi ni. Bí irú ìdènà kan náà bá hàn níbi méjì mẹ́ta, tí àwọ̀ àti ìrísí wọn bára mu, kì í ṣe ògiri, ìlẹ̀kùn ni. Fi í sílẹ̀, wá ibi tí o kò tíì tẹ̀ lórí àwòrán ilẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó rí ọ̀nà kan lókè tí kò wò rí torí pé ìsàlẹ̀ ló tẹjú mọ́. Ohun tó ń wá wà níbẹ̀. Ó sáré padà síbi ihò kékeré náà, ó ká ara rẹ̀ jọ, ó sì gba ibẹ̀ kọjá.