Ilé Méjìlá Ojú Ọ̀run

Ẹ sún mọ́ iná dáadáa, ẹ̀yin ọmọ, kí àgbàdo yìí tó jiná, kí n sọ ohun ìyanu kan fún yín. Kì í ṣe ti iwin, kì í sì í ṣe ti ọdẹ tó pàdé ẹranko tó ń fọhùn. Ti òru kan ní Èkó ni, òru tí ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1960 wọlé. Ní agogo méjìlá òru, ní pápá ìfẹṣinsáré tí a ń pè ní Gbàgede Tafawa Balewa lónìí, wọ́n sọ àsíá Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀, wọ́n fa tiwa sókè. Àwọn awòràwọ̀ mú wákàtí yẹn, wọ́n sì ya àwòrán ìbí fún Nàìjíríà bí wọ́n ṣe ń yà á fún ọmọ tuntun. Òbìrìkítí tí ọmọ ọmọ mi yìí gbé wá sórí fóònù rẹ̀ lónìí, tó ní òun kò mọ orí, òun kò mọ ìdí rẹ̀, irú rẹ̀ náà ni.

Ilé méjìlá ni wọ́n pín òbìrìkítí náà sí. Ká tó sọ ohun tó wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan, ká mọ bí a ṣe ń wò ó. Lọ́la, kí o lọ dúró lábẹ́ afárá Maryland níbí, kí o kọjú sí ọ̀nà Anthony. Gúúsù lo kọjú sí yẹn. Ọ̀sà wà lápá òsì rẹ, lọ́wọ́ Gbàgádà, ibẹ̀ ni oòrùn ti ń yọ. Pápákọ̀ òfurufú wà lápá ọ̀tún, ibẹ̀ ló ń wọ̀ sí. Bí wọ́n ṣe ya òbìrìkítí náà nìyẹn: òsì ni ìlà oòrùn, ọ̀tún ni ìwọ̀ oòrùn, òkè ni ọ̀sán gangan, ìsàlẹ̀ ni abẹ́ ilẹ̀ tí oòrùn ń gbà kọjá lóru. Ìlà tó gba àárín kọjá láti òsì sí ọ̀tún ni ojú ilẹ̀ tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ohun tó wà lókè rẹ̀, ojú lè rí i lọ́run ní wákàtí ìbí náà. Ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ilẹ̀ bò ó.

Ibi tí ojú ọ̀run ti ń yọ lápá òsì ni ilé kìíní ti bẹ̀rẹ̀, a ó sì máa ka àwọn ilé lọ sísàlẹ̀. Ìkẹrin wà ní ìdí, ìkeje wà lápá ọ̀tún, ìkẹwàá wà ní téńté òkè, ìkejìlá sì padà wá sí ẹ̀gbẹ́ ìkíní. Ṣùgbọ́n oòrùn kì í bá kíkà wa lọ. Bó bá ti yọ, ilé kejìlá ló kọ́kọ́ ń wọ̀, kó tó gun ìkọkànlá dé ìkẹwàá lọ́sàn-án, kó tó sọ̀ kalẹ̀ sí ìkeje nírọ̀lẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi lè mọ̀ bí àwòrán kan bá ní àṣìṣe kí n tó ka ohunkóhun nínú rẹ̀. Bí ìyá rẹ bá ní ọ̀sán ganrínganrín lòun bí ọ, tí oòrùn sì wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ilé kẹrin, ẹni tó kọ wákàtí náà ti fi ọ̀sán ṣe òru.

Ó yá, ká wo ti Nàìjíríà. Òru ni wọ́n bí i, nítorí náà oòrùn wà lábẹ́ ilẹ̀, nínú ilé kẹrin. Ilé baba ẹni ni ilé kẹrin: òbí, ilẹ̀ ìdílé, ibi tí wọ́n rì ọ́ mọ́, ibi tí wọn yóò sin ọ́ sí. Àwọn awòràwọ̀ àtijọ́ tún fi ohun tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ sínú rẹ̀, ìṣúra àti kùsà. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ọdún 1956 ni wọ́n rí epo rọ̀bì ní Oloibiri, ọdún 1958 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó o lọ sókè òkun, nígbà tó sì di 1960, wọ́n bí orílẹ̀-èdè kan tí oòrùn rẹ̀ wà nínú ilé ohun abẹ́ ilẹ̀. Ẹnu yà mí nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ilé kìíní ni ara ẹni fúnra rẹ̀: ìrísí, ìlera, ìwà tí àlejò kọ́kọ́ máa rí lára rẹ. Àmì ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Alákàn ló ń yọ lóru náà, kò sì ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ta ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀? Máàsì ni, ìràwọ̀ irin àti ogun. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ìkejì ni owó àti ohun ìní, ohun tí o lè pè ní tèmi. Ìkẹta ni ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, aládùúgbò, ọ̀rọ̀ ẹnu àti ìrìn tí kò jìnnà. Ẹni tó bá wọ dáńfó láti Maryland lọ sí Òjóta, ilé kẹta ló wà. Ẹni tó bá gba pápákọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ti dé ilé kẹsàn-án, ilé ọ̀nà jíjìn, ẹ̀sìn, òfin àti ẹ̀kọ́ gíga. Ìkarùn-ún ni ọmọ bíbí, ìfẹ́, eré àti tẹ́tẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín: ilé kan náà ni ọmọ àti tẹ́tẹ́ jọ ń gbé, ẹni tó bá ti tọ́ ọmọ rí á mọ ìdí rẹ̀.

Ohun tó máa ń rú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ lójú ni pé ilé méjì ló ń jẹ́ iṣẹ́. Ẹ wo àwọn tó ń gba ibí kọjá ní ìdájí lọ sí ilé iṣẹ́ ní Orègùn, Ìkẹjà àti Agége, àwọn tó ń ṣe ṣíìfù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Iṣẹ́ òòjọ́ yẹn, àti ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n bí wọ́n bá délé, ilé kẹfà ni méjèèjì, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ojoojúmọ́ àti àìsàn jọ wà. Bí wọ́n bá fi ẹnìkan nínú wọn ṣe ọ̀gá, tí gbogbo àdúgbò wá ń fi ipò náà pè é, ilé kẹwàá ló gùn. Ìkẹwàá ni oyè, òkìkí àti ìjọba.

Ìkeje ni ọkọ tàbí aya, ẹni tí a jọ fọwọ́ síwèé àdéhùn, àti ọ̀tá tó ń fojú korojú. Sátọ̀nì ló wà níbẹ̀ fún Nàìjíríà, ìràwọ̀ ìdádúró àti ìdè. Àwọn awòràwọ̀ ní ìgbéyàwó tó nira, tí kì í sì í tú bọ̀rọ̀, nìyẹn. Ní 1967 apá kan ní òun ti kọ ọkọ, wọ́n jà títí di oṣù Kìíní 1970, wọ́n sì tún jọ ń gbélé.

Òṣùpá wà ní ilé kẹjọ. Ìkẹjọ ni ikú, ogún, gbèsè, àti owó ẹlòmíràn tó wà lọ́wọ́ ẹni. Èyí náà bá wa mu ju bó ti yẹ lọ: ní 2005, nǹkan bíi bílíọ̀nù 18 dọ́là ni àwọn orílẹ̀-èdè inú Paris Club fagi lé nínú gbèsè wa.

Ìkọkànlá ni ọ̀rẹ́, ẹgbẹ́ àti ìrètí. Ìkejìlá ni ohun ìkọ̀kọ̀, ẹ̀wọ̀n, àdáwà, àti aṣeni-bání-dárò. Àáfà tó ń tẹ yanrìn náà mọ àwọn ilé wọ̀nyí. Mẹ́rìndínlógún ni tiwọn, ṣùgbọ́n méjìlá àkọ́kọ́ bá ti awòràwọ̀ mu. Ẹni tó bá ti dúró níwájú àáfà bẹ́ẹ̀ ní Agége ti gbọ́ nípa ilé ọ̀tá rí, bí kò tilẹ̀ mọ̀ pé ìkejìlá ni.

Ọmọ ọmọ mi ti ń fajú ro láti ìrọ̀lẹ́. Ó ní, "Bàbá àgbà, kò sí nǹkankan ní ilé karùn-ún mi. Ṣé pé n kò ní bímọ ni?" Rárá o. Oòrùn, òṣùpá àti ìràwọ̀ mẹ́jọ tó kù, mẹ́wàá ni gbogbo wọn. Ilé sì jẹ́ méjìlá. Ó di dandan kí àwọn kan ṣófo. Bí o bá débi tí onílé kò sí nílé, ibi tó lọ lo ń béèrè. Àmì kọ̀ọ̀kan ló ní olúwa rẹ̀. Wo àmì tó wà lórí ilé tó ṣófo náà, wá olúwa àmì yẹn kàn, ilé tó wọ̀ sí ni ọ̀rọ̀ rẹ wà.

Nàìjíríà náà nìyẹn. Láti ìkẹsàn-án dé ìkejìlá rẹ̀, kò sí ìràwọ̀ kankan. Ilé kẹwàá, ilé ìjọba, ṣófo. Àmì Àgbò ló wà lórí rẹ̀, Máàsì sì ni olúwa Àgbò. Níbo ni Máàsì wà? Ẹnu ọ̀nà ni, nínú ilé kìíní! Ológun ló ni kọ́kọ́rọ́ ilé ìjọba, ara orílẹ̀-èdè náà ló sì jókòó lé. Wọ́n gbàjọba ní oṣù Kìíní 1966, wọ́n lò ó di 1979. Wọ́n padà wá ní ọjọ́ tó kẹ́yìn 1983, ó sì di 1999 kí wọ́n tó lọ pátápátá.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ọ̀nà tí mo gbà kà á ni pé kí àmì kan jẹ́ ilé kan odindi. Fóònù rẹ ń lo ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń pè ní Placidus, tó ń fi àkókò pín ojú ọ̀run. Ní ọ̀nà yẹn, òpin àmì Ẹja ni ilé kẹwàá Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀, Júpítà ni olúwa Ẹja, Máàsì kò sì ní kọ́kọ́rọ́ kankan mọ́. Ó tún kù. Ká ní ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú méjìlá òru ni wọ́n fa àsíá sókè, Ìbejì ni ì bá máa yọ, kì í ṣe Alákàn. Ní ọ̀nà tèmi náà, gbogbo ilé á sún: Máàsì á bọ́ sí ilé owó, Sátọ̀nì á bọ́ sí ilé ikú, oòrùn á bọ́ sí ilé ọmọ. Mélòó nínú yín ló mọ ìṣẹ́jú tí wọ́n bí òun gan-an? Èmi gbà pé ìtàn Máàsì yẹn dùn gbọ́, mo sì gbà pé ẹ̀yìn ìgbà tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ tán ni a ń rí i kedere bẹ́ẹ̀. N kò tíì bá ẹnikẹ́ni pàdé tó kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú 1966.

Nítorí náà, kí o tó bẹ̀rù ilé karùn-ún kankan, gbé fóònù yẹn sílẹ̀, kí o lọ bi ìyá rẹ ní wákàtí tó bí ọ. Bí kò bá rántí, wá káàdì tí wọ́n fún un nílé ìwòsàn. Bí kò bá sí wákàtí lórí ìyẹn náà, kò sí ilé nínú àwòrán rẹ, ohunkóhun tí fóònù ì báà yà síbẹ̀.