Aàrò Mẹ́ta Inú Ilé Ìdáná Kékeré

Ibi mẹ́ta ni alásè ń lọ tó ń bọ̀: firíìjì, sínkì àti sítóòfù gáàsì. Ẹ fa okùn láti iwájú ọ̀kan dé òmíràn, igun mẹ́ta ni yóò yọ. Àwọn ayàwòrán ilé ń fẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan wà láàárín mítà 1.2 sí 2.7.

Ẹ wo yàrá tó gùn ní mítà 3, tó fẹ̀ ní 2.4. Ẹ gbé firíìjì sí ìbẹ̀rẹ̀ ògiri gígùn, sínkì sí àárín rẹ̀, kí sítóòfù wà ní àárín ògiri kejì tó bá a pàdé. Sínkì sí sítóòfù á dín díẹ̀ ní 1.2. Èmi ò kà á sí àléébù, torí káńtà tó ju mítà kan lọ wà láàárín wọn, ibi tí a ti ń gé ẹ̀fọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ ìlọta jókòó síbẹ̀! Bí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ra, omi á máa ta sínú epo gbígbóná.

Ìkòkò ojoojúmọ́ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ sínkì. Kọ́bọ́ọ̀dù igun jìn, ọwọ́ kì í tètè dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìkòkò òde ìnáwó ló yẹ ibẹ̀.